Ẹnu Kan Náà, Agbára Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìdí Tí Láàpútọ́ọ̀pù Fi Ń Kọ Ṣájà Mìíràn

Olùkọ́ kan ní láàpútọ́ọ̀pù tí ó máa ń gba iná dáadáa láti ara ṣájà tí wọ́n tà mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kan, ó gbàgbé ṣájà náà sílé, ó sì yá ti fóònù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹnu wáyà méjèèjì kò yàtọ̀ rárá. USB-C ni wọ́n ń pe irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, láàpútọ́ọ̀pù kò gba iná. Nígbà tí wọ́n dá ṣájà náà padà sára fóònù, ó ṣiṣẹ́ pé. Kí ni ó wá fà á?

Ìrísí ẹnu wáyà kò sọ bí iná inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Ṣájà àti láàpútọ́ọ̀pù a máa dúnàádúrà bí ẹni tí ń tajà àti ẹni tí ń rajà. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ so pọ̀, fólítì 5 péré ni ṣájà ń gbé jáde. Lẹ́yìn èyí, nípasẹ̀ okùn tínínrín kan tí ó wà nínú wáyà fún ọ̀rọ̀ sísọ, ṣájà yóò ka gbogbo ohun tí ó ní lórí àtẹ. Láàpútọ́ọ̀pù yóò mú ọ̀kan níbẹ̀, ṣájà yóò gbà, nígbà náà ni fólítì yóò tó gòkè.

Ara ṣájà ni ohun tí ó wà lórí àtẹ rẹ̀ ti hàn. Lára ti fóònù, wọ́n kọ `5V 3A, 9V 2A`. Wáàtì ni fólítì tí a fi áḿpíà sọ di púpọ̀. Nítorí náà, wáàtì 18 ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Lára ti olùkọ́, wọ́n kọ `20V 5A`, èyí tí í ṣe wáàtì 100. Fólítì 20 ni láàpútọ́ọ̀pù yìí ń béèrè. Kò rí i lórí àtẹ kejì, ó sì kọ̀ ọ́. Láàpútọ́ọ̀pù mìíràn lè gba díẹ̀ náà, kí ó sì máa kún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí ó yá, olùkọ́ ra ṣájà mìíràn tí ó ní wáàtì 100, ṣùgbọ́n wáyà fóònù ni ó fi so ó. Iná wọlé lóòótọ́, àmọ́ bí iṣẹ́ bá ti le, bátìrì a tún máa lọ sílẹ̀. Wáyà ni ó fà á lọ́tẹ̀ yìí. Wáyà lásán kò gbọdọ̀ gbé ju áḿpíà 3 lọ. Ní fólítì 20, wáàtì 60 ni èyí. Wáyà tí yóò gbé áḿpíà 5 ní láti ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú orí rẹ̀. Ṣájà a máa bi ẹ̀rọ náà léèrè bí agbára wáyà ti tó. Bí kò bá gbọ́ ìdáhùn, kò ní fi ju áḿpíà 3 lọ̀ ẹnikẹ́ni, kí wáyà má baà gbóná jù.

Nítorí náà, ẹni tí láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ kò bá gba iná rárá, kí ó wá `20V` lára ṣájà. Bí ó bá ń gbà á ṣùgbọ́n tí kò tó, kí ó wo wáyà bóyá wọ́n kọ `5A`, `100W` tàbí `240W` sí i. Ṣájà tí wáàtì rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí láàpútọ́ọ̀pù fẹ́ lọ kì í ṣe ewu, nítorí láàpútọ́ọ̀pù ni ó ń yàn, kì í sì í fà ju ìwọ̀n tí ó nílò lọ.