Irú Kọ́ìnì Wo Ló Lè Ṣe Èyí?

Kọ́ìnì kan wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìwà rẹ̀. Wọ́n jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá: orí jáde lẹ́ẹ̀meje, ẹ̀yìn jáde lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé kọ́ìnì náà dọ́gba ni, àbí ó ń ṣègbè fún orí?

Ọdún 1912 ni Ronald Fisher, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge nígbà náà, kọ́kọ́ tẹ èrò rẹ̀ lórí irú ìbéèrè yìí jáde. Ní 1922 ó là á yé àwọn èèyàn dáadáa. Ohun táwọn èèyàn mọ̀ ọ́n bi ni pé, bí kọ́ìnì bá rí báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Fisher bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì: ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé, irú kọ́ìnì wo ló máa rọrùn fún jù láti ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká pe ìṣeéṣe orí ní p. Ìjù kan kò mọ ohun tí èkejì ṣe, nítorí náà a ó sọ ìṣeéṣe gbogbo wọn di púpọ̀ pọ̀, yóò sì di p^7 × (1 − p)^3. Ká wá máa dán an wò. Bí p bá jẹ́ 0.5, a rí nǹkan bí 0.00098. Ní 0.6, ó gòkè sí 0.00179, ní 0.7, ó dé 0.00222, ní 0.8, ó ti sọ̀ kalẹ̀ sí 0.00168. Téńté òkè náà wà ní 0.7 gan-an, ìyẹn 7 nínú 10.

Àmọ́ o, 0.00222 kò sọ fún wa bóyá òótọ́ ni pé p jẹ́ 0.7. Ìfiwéra nìkan ló wà fún. Tí a bá sì fi í wé ti kọ́ìnì tó dọ́gba, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, kò sì tó ohun tí a lè fi dá kọ́ìnì lẹ́bi. Bí wọ́n bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹta péré tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ orí, ọ̀nà yìí yóò sọ pé p jẹ́ 1, bí ẹni pé ẹ̀yìn kò lè jáde láé! Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, John Kerrich, tí wọ́n há mọ́ àgọ́ ní Dẹ́ńmáàkì, ju kọ́ìnì lẹ́ẹ̀mẹwàá ẹgbẹ̀rún, orí sì jáde nígbà 5,067. Téńté ti òun wà ní 0.5067, òkè náà sì rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́: bí èèyàn bá kúrò níbẹ̀ díẹ̀, yóò já wálẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló jẹ́ orí tàbí ẹ̀yìn. Ká sọ pé àgbẹ̀ kan fi ajílẹ̀ àpò 1, 2 àti 3 sí oko àgbàdo mẹ́ta, tó sì kórè àpò 2, 5 àti 5. A fẹ́ fa ìlà tààrà kan, y = a + bx, kọjá láàárín wọn. Oko kọ̀ọ̀kan yóò yà kúrò lórí ìlà náà díẹ̀, nítorí òjò, kòkòrò àti ilẹ̀. A gbà pé ìyàtọ̀ wọ̀nyí kò mọ ara wọn, pé wọ́n tò yí òdo ká ní ìrísí agogo, àti pé fífẹ̀ agogo náà kò yàtọ̀ láti oko kan sí òmíràn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn jù. Lọ́gáríìmù máa ń sọ ìsọdipúpọ̀ di àròpọ̀, kì í sì í yí ibi tí téńté wà padà. Nínú agogo, bí a bá lo lọ́gáríìmù, ohun tó kù ni ìyàtọ̀ tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, tí àmì ìyọkúrò wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, kí òkè tó lè ga jù, àfi kí àròpọ̀ ìyàtọ̀ onílọ́po wọ̀nyẹn kéré jù. Legendre ti tẹ ọ̀nà ìṣirò yìí jáde ní 1805. Gauss ló so ó mọ́ agogo ní 1809.

Fún àgbẹ̀ wa, ìdáhùn rẹ̀ ni a = 1, b = 1.5. Ìlà náà ní kí oko mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú àpò 2.5, 4 àti 5.5 wá, nítorí náà ìyàtọ̀ wọn jẹ́ −0.5, 1 àti −0.5. Àròpọ̀ onílọ́po wọn jẹ́ 1.5. Láti mọ bí agogo ṣe fẹ̀ tó, ọ̀nà Fisher pín in sí 3, ó di 0.5. Ó kéré jù, nítorí pé ìlà ti fà sún mọ́ àwọn oko náà kí a tó wọn ìyàtọ̀. A ti ná méjì lórí a àti b. Oko 3 yọ 2 ku 1, èyí tó mú un di 1.5. Bí oko bá pọ̀, àlàfo yìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Bí akọ̀wé bá wá ṣèèṣì kọ 50 dípò 5 fún oko kẹta ńkọ́? Ìyàtọ̀ onílọ́po máa ń fún ohun tó jìnnà lágbára púpọ̀, ìlà yóò sì sáré tọ̀ ọ́ lọ: b di 24, a di −29, oko àkọ́kọ́ yóò sì wá ní àpò −5. Ẹni tó bá ya àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé kó tó ṣírò yóò rí 50 náà tó dá dúró lókè réré, yóò sì padà lọ ka àpò tó wà nínú àká.