Oògùn Tí Àlàfo Rẹ̀ Há

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949, ìròyìn burúkú bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nílẹ̀ Amẹ́ríkà nípa iyọ̀ kan tí wọ́n ń tà fún àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n yéé jẹ iyọ̀. Àwọn aláìsàn ọkàn àtàwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ló ń rà á. Kò sí sódíọ̀mù nínú rẹ̀. Lítíọ́mù kúlóráìdì ni, ó sì dùn lẹ́nu bí iyọ̀ gidi. Bó ṣe wu kálukú ló ń wọ́n ọn sórí oúnjẹ. Kò pẹ́ tí àwọn kan nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dáadáa mọ́, tí àwọn mìíràn sì kú. Ìjọba ní kí wọ́n kó iyọ̀ náà kúrò lórí igbá, lítíọ́mù sì di orúkọ tí àwọn dókítà ibẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ sétí.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, dókítà ọmọ Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ John Cade gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ilẹ̀ rẹ̀. Ní ọsibítù kan ní Bundoora, lẹ́bàá Melbourne, ó ti fún aláìsàn mẹ́wàá ní lítíọ́mù. Àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ní ni èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn sùn, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ lójúmọ́. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn jẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún 51. Ó ti tó ọdún márùn-ún tó ti wà bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ti gbà pé inú ọsibítù ni yóò dàgbà sí. Láàárín oṣù mélòó kan tó fi lo lítíọ́mù, ó padà sílé, ó sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1950, ọkùnrin yìí kan náà kú. Lítíọ́mù ló pọ̀ jù nínú ara rẹ̀.

Ojú ni Cade fi ń wọn oògùn náà. Bí aláìsàn bá ń sàn, a óò máa fún un nìṣó. Bó bá ń bì tàbí tó ń gbọ̀n, a óò dín in kù. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni bí yóò ṣe mọ iye lítíọ́mù tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Ní Melbourne náà ni Edward Trautner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ tó ń ka àwọ̀ iná wọn lítíọ́mù nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1950. Ìwọ̀n yẹn ló dá oògùn náà padà sáàárín àwọn dókítà. Àmọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 1970 ni ìjọba tó fọwọ́ sí i fún àìsàn yìí.

Kò sí oògùn tí kò lè ṣe èèyàn léṣe bó bá pọ̀ jù. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra ni bí ìwọ̀n tó ń wo àìsàn sàn ṣe jìnnà sí ìwọ̀n tó ń ṣe ara lọ́ṣẹ́. Àwọn onímọ̀ oògùn ní òǹkà kan tí wọ́n fi ń wọn àlàfo yìí. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ìwọ̀n tí yóò ṣiṣẹ́ lára ìdajì àwọn tó lò ó, wọ́n á tún wá ìwọ̀n tí yóò ṣe ìdajì wọn léṣe, wọ́n á wá fi ti àkọ́kọ́ pín ìkejì. Ká ní mílígíráàmù 10 ló ń ṣiṣẹ́, tí 1,000 sì ń ṣeni léṣe, òǹkà àlàfo oògùn náà jẹ́ 100. Bó bá jẹ́ 20 ló ń ṣeni léṣe, òǹkà náà jẹ́ 2 péré. Pẹnisílìnì wà lára àwọn tí àlàfo wọn fẹ̀: yàtọ̀ sí ẹni tí ara rẹ̀ kì í gbà á rárá, dókítà lè fún èèyàn ní èyí tó ju ohun tó nílò lọ dáadáa láìbẹ̀rù. Lítíọ́mù àti dígọ́síìnì wà ní ìpẹ̀kun kejì.

Òǹkà yìí lè tan èèyàn jẹ, nítorí pé ìdajì ló fi ń wé ìdajì. Nínú àpẹẹrẹ oògùn tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 2 yẹn, ẹnì kan lè wà tí oògùn náà kò ní ràn lọ́wọ́ àfi bó bá lo mílígíráàmù 18. Ẹlòmíràn lè wà tí 12 ti tó láti dá dùbúlẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wo àyè ààbò pẹ̀lú: ìwọ̀n tí yóò ṣiṣẹ́ lára 99 nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n tí yóò kọ́kọ́ ṣe ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún léṣe. Bí ti àkọ́kọ́ bá ju ti ìkejì lọ, a jẹ́ pé kò sí ìwọ̀n kan tí a lè kọ sórí páálí oògùn tí yóò bá gbogbo èèyàn mu. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni a ní láti wọn.

Ní ti lítíọ́mù, ibi tí ọ̀pọ̀ dókítà ń fẹ́ kó wà ni mílímóòlù 0.6 sí 1.0 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 0.4 lọ, kì í sábà ran aláìsàn lọ́wọ́. Bó bá ti kọjá 1.5, májèlé ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tó bá sì kọjá 2, ẹ̀mí ti wà nínú ewu. Ẹ wo bí 0.8 tó dára ṣe súnmọ́ 1.6 tó ń pani lára: ìlọ́po méjì péré ni.

Àgbájọ tó ń wọlé kọ́ ló sì sábà máa ń gbé ìwọ̀n náà sókè. Èyí tó ń jáde ni. Lítíọ́mù kì í yí padà nínú ara, ẹ̀dọ̀ kò lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Kíndìnrín nìkan ló ń gbé e jáde, inú ìtọ̀ ló sì ń gbà lọ. Lítíọ́mù jọ sódíọ̀mù débi pé kíndìnrín kò fi bẹ́ẹ̀ dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Lẹ́yìn tó bá ti sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tán, tó wá ń gba sódíọ̀mù padà sínú ara, lítíọ́mù náà ń bá a wọlé padà, ó sì ju ìdajì lọ. Nígbà tí omi tàbí iyọ̀ bá dínkù lára, kíndìnrín á fi gbogbo agbára di sódíọ̀mù mú, á sì di lítíọ́mù mú pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn nìyí. Àwọn tí wọ́n ti ní kí wọ́n má jẹ iyọ̀ gan-an ni ara wọn kò ní jẹ́ kí lítíọ́mù jáde.

Ká mú obìnrin kan tó jẹ́ ẹni ọdún 58, tó ti ń lo mílígíráàmù 800 lálaalẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò ní 0.8. Ó dà bí garawa tí wọ́n lu ihò sí nídìí, tí omi ẹ̀rọ ń rọ sínú rẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí omi tó ń wọlé bá ṣe déédéé pẹ̀lú èyí tó ń jáde, ibì kan náà ni omi inú rẹ̀ yóò dúró sí. Nígbà tó ṣe, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, dókítà mìíràn sì kọ oògùn tó ń mú kí èèyàn tọ̀ dáadáa fún un. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní táyásáìdì lè dín lítíọ́mù tó ń jáde kù ní ìdá mẹ́rin. Bí ìdá mẹ́rin ihò náà bá dí, 0.8 á di nǹkan bíi 1.07. Kò tíì burú jù. Lẹ́yìn náà ni orúnkún ń dùn ún, ó sì ra aibúpúrófìnnì lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Irú oògùn ara ríro bẹ́ẹ̀ náà ń fún kíndìnrín pa. Bí òun náà bá dí ìdá mẹ́rin nínú èyí tó kù, ìwọ̀n náà á gòkè dé 1.4. Tí inú rẹ̀ bá wá ṣí fún ọjọ́ mẹ́ta, tí kò sì lè mu omi tó, ó ti kọjá 1.5 nìyẹn. Oògùn tó ń gbé mì lálẹ́ kò yí padà rárá.

Ọwọ́ tí í máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá máa gbọ̀n gan-an débi pé kò ní lè mú ife tíì. Á máa bì, inú rẹ̀ á túbọ̀ máa ṣí, èyí sì tún ń dín omi ara rẹ̀ kù sí i. Ọ̀rọ̀ á máa wọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ta kọ́ra, oorun tí kì í ṣe oorun á máa gbé e lọ. Ibí yìí ni àwọn ará ilé ti sábà ń ṣìnà. Wọ́n á rò pé ibà ni, tàbí pé àìsàn ọpọlọ ìjọ́sí ló padà dé, wọ́n á sì fẹ́ kó má ṣe fo oògùn rẹ̀ kan. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n sì kó gbogbo oògùn tó ń lò dání. Wọ́n á fa omi sí i lára, bí ìwọ̀n náà bá sì ga jù, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni yóò gbé e kúrò. Èédú tí wọ́n ń fún àwọn tó gbé májèlé mìíràn jẹ kì í mú lítíọ́mù.

Àyẹ̀wò náà ní àkókò tirẹ̀. Wákàtí 12 lẹ́yìn èyí tí aláìsàn lò kẹ́yìn ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀, nítorí pé gbogbo òǹkà tí a kà sókè yìí dá lórí wákàtí yẹn. Ẹni tó lo tirẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ sí ibi àyẹ̀wò á rí òǹkà tó ga lásán. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tàbí tí wọ́n yí ìwọ̀n padà, wọ́n á dúró fún ọjọ́ márùn-ún sí méje kí ìwọ̀n náà tó fìdí múlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́ta mẹ́ta ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n á sì máa yẹ kíndìnrín àti ẹṣẹ́ ọrùn wò pẹ̀lú. Ìgò ẹ̀jẹ̀ pàápàá ṣe pàtàkì: irú kan wà tí ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì ní lítíọ́mù nínú, bí wọ́n bá sì lo ìyẹn, ẹni tí ara rẹ̀ le á dà bí ẹni tó gbé májèlé jẹ.

Dígọ́síìnì, tí wọ́n ń fún àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára mọ́ tàbí tó ń lù ségesège, wá láti ara ẹbí ewéko kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1785, William Withering kọ ìwé lórí ewé náà. Nígbà tí kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ara aláìsàn ló ń kà: ó ní kí wọ́n máa fún un títí ipa rẹ̀ yóò fi hàn lára kíndìnrín, ikùn, ìfun tàbí bí ọkàn ṣe ń lù, kí wọ́n sì dúró níbẹ̀. Ó tún rí i pé ohun gbogbo lè máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi òdòdó ìyẹ́yè, tàbí kó rí bí ewé, lójú ẹni tó ti lò ó jù.

Lónìí, nánógíráàmù 0.5 sí 0.9 nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n ń wá fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára. Tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n ń gbà á láyè kó dé 2. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní ọdún 1997, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ju 6,000 lọ, ni wọ́n padà yẹ̀ wò tí wọ́n fi rí i pé àwọn ọkùnrin tí tiwọn dé 1.2 kú ju àwọn tí kò lo oògùn náà lọ. Àlàfo tó ti há tẹ́lẹ̀ sì tún há sí i.

Òǹkà nìkan kò tó fún dígọ́síìnì. Ojú ibì kan náà ni òun àti pọtasíọ̀mù ń dù lára ọkàn. Àwọn oògùn tó ń mú omi kúrò lẹ́sẹ̀ wíwú, èyí tí aláìsàn ọkàn sábà ń lò pẹ̀lú rẹ̀, sì ń da pọtasíọ̀mù nù sínú ìtọ̀. Bí pọtasíọ̀mù bá lọ sílẹ̀, 0.9 tí kò ṣe nǹkan kan lóṣù tó kọjá lè da lílù ọkàn rú lóṣù yìí. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ ka méjèèjì pọ̀, pẹ̀lú bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, wọn kò sì gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ kó tó pé wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn tí aláìsàn lo oògùn.

Bó bá di májèlé, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò lè gbé dígọ́síìnì jáde bó ṣe ń gbé lítíọ́mù, nítorí pé inú ẹran ara ló fara pamọ́ sí. Oògùn tó ń pa á lágbára wà, ara àgùntàn ni wọ́n ti ń mú un jáde: ó ń rọ̀ mọ́ dígọ́síìnì kó má lè fọwọ́ kan ọkàn mọ́, kíndìnrín á sì gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ èyí tó ti dè mọ́ra yẹn náà ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ṣì ń kà. Òǹkà lè fò sókè ní ìlọ́po-ìlọ́po nígbà tí ara aláìsàn ń yá, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń pa àyẹ̀wò dígọ́síìnì tì láwọn ọjọ́ yẹn, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ tó ń ya lílù ọkàn sórí bébà àti pọtasíọ̀mù mọ bí ó ti ń ṣe.