Bébà Há Sínú Rólà: Ibo Ló Yẹ Ká Ti Fà Á?

Ojú-ìwé 36 ti jáde. Ojú-ìwé 37 ni ẹ̀rọ ń fà lọ́wọ́ nígbà tí ìró kan dún nínú rẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń rún ọ̀rá mọ́wọ́. Rólà tún yí díẹ̀, ó dákẹ́, iná olómi ọsàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan létí ọ̀nà yunifásítì lọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n ń tẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ló sì fẹ́ fi í lélẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti na ọwọ́ sínú ẹ̀rọ.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n bá yín fà á."

"Má fọwọ́ kàn án o! Ibẹ̀ gbóná. Tó o bá sì fà á báyìí, inú ló máa já sí."

Obìnrin náà mọ ohun tó ń sọ. Bébà tó há lódidi, téèyàn bá fara balẹ̀, kì í pẹ́ jáde. Èyí tó bá já sínú rólà lè gba odidi ọ̀sán, nígbà mìíràn ó sì di dandan kí wọ́n tú ẹ̀rọ palẹ̀ kí wọ́n tó rí àjákù tí kò tóbi ju èékánná lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tọ ọ̀nà tí bébà ń gbà. Nínú ẹ̀rọ léésà, irú èyí tó ń lo tóńà oníyẹ̀fun, rólà onírọ́bà kan ló ń fa bébà kan ṣoṣo kúrò nínú tíréè. Ó gbé e fún rólà kéékèèké méjì tó ń tún orí rẹ̀ ṣe kó lè wọlé lọ́gbọọgba. Lẹ́yìn náà, bébà gba abẹ́ kátíríìjì kọjá, níbi tí dírọ́ọ̀mù ti ń fi ìyẹ̀fun tóńà ya lẹ́tà sí i lára. Ìyẹ̀fun yẹn kò tíì lẹ̀ rárá. Téèyàn bá fọwọ́ pa á, yóò bá ọwọ́ lọ. Fúsà ló ń lẹ̀ ẹ́. Rólà méjì tó fún mọ́ra gírígírí ni fúsà, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń gbóná tó nǹkan bí 200°C nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bébà gba àárín wọn kọjá, ìyẹ̀fun yọ́ mọ́ ọn, ó sì di ìwé.

Ẹnu fúsà yìí ni bébà ti sábà máa ń rún. Bí orí bébà bá kọ́ nǹkan níbẹ̀, rólà tó wà lẹ́yìn kò mọ̀, yóò ṣì máa tì í bọ̀. Bébà kò ríbi gbà, ló bá ń ká léra bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ títí ẹ̀rọ yóò fi rí i pé kò jáde lásìkò, tí yóò sì dá iṣẹ́ dúró. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ojú-ìwé 37 nìyẹn. Bébà tí wọ́n ti tẹ ojú kan rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tò sínú tíréè kí owó má bàa pọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti ká létí níbi tí wọ́n ti yọ pín-ìn sítépúlà kúrò. Etí tó ká yẹn ló kọ́ ẹnu fúsà.

Iná tí wọ́n bá mú lọ láàárín iṣẹ́ náà ń há bébà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Gbogbo rólà dúró lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà bébà kì í rún, yóò kàn na gbọọrọ síbi tó bá a. Bí iná bá dé, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló máa ń yí ara wọn díẹ̀, wọ́n sì lè tì í jáde fúnra wọn. Kò sídìí láti tètè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin náà ṣe ni pé ó pa ẹ̀rọ, ó sì yọ okùn rẹ̀ lára iná. Ó ṣí orí ẹ̀rọ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, ó yọ kátíríìjì jáde, ó sì fi aṣọ dúdú bò ó, nítorí ìmọ́lẹ̀ máa ń ba ojú dírọ́ọ̀mù jẹ́. Ó wá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ jókòó. Ìdajì wákàtí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ní kéèyàn fi dúró kí fúsà tó tutù. Ó ṣòro fún ẹni tó ń kánjú, àmọ́ kì í ṣe àwàdà. Nígbà tí ẹ̀rọ aṣàdàkọ Xerox 914 jáde lọ́dún 1959, bébà tó bá há nítòsí ibi gbígbóná rẹ̀ lè gbiná, débi pé wọ́n so panápaná kékeré mọ́ ọn. Ẹ̀rọ òde òní kì í sábà jó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì lè bó ọwọ́ èèyàn.

Ìdajì wákàtí pé, ó tan tọ́ọ̀ṣì wò ó. Bébà náà ti ká bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí àlàfo tó wà láàárín kátíríìjì àti fúsà. Ìrù rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ rólà kéékèèké ẹ̀yìn. Orí rẹ̀ ti wọ ẹnu fúsà díẹ̀, kò tíì yọ lódìkejì.

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á di igun tó yọ síta mú, wọ́n á fà á wìì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tó fi máa ń já kó mú bébà A4 kan, kó ya á lóròó, yóò ya tààrà bí ẹni pé rúlà ni wọ́n fi là á. Kó tún ya òmíràn níbùú, yóò máa wọ́ kiri. Òwú tín-ín-tìn-tín tó wà nínú bébà náà sábà máa ń tò lọ sí gígùn rẹ̀, gígùn rẹ̀ yẹn náà ló sì fi ń wọ ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá fi ọwọ́ kan fa igun kan nígbà tí fúsà ṣì di ìyókù mú, tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni yóò ya bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, kó tó fà á rárá, ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ohun tó di bébà mú tú u sílẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó sì rẹ ìkọ́ méjì aláwọ̀ ewé tó wà lápá ọ̀tún àti òsì fúsà wálẹ̀. Ìkọ́ yìí ló ń dín fífún rólà méjèèjì kù. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ní i. Nínú òmíràn, aláwọ̀ búlúù ni, nínú òmíràn, ṣíṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn nìkan ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó fi àtàǹpàkò yí gíà kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ síwájú títí ìrù bébà fi bọ́ kúrò lábẹ́ rólà ẹ̀yìn. Bí gíà bá le, kò yẹ kéèyàn fipá yí i, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé apá kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí sí.

Ìlànà tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe máa ń tẹ̀ lé ni pé kí wọ́n fa bébà lọ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀, má ṣe dá a padà. Òótọ́ ni, pàápàá bí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ bá ti wọ fúsà kọjá. Ṣùgbọ́n bébà tó ti rún bí ẹwìrì níwájú fúsà kò lè gba àárín rólà kọjá, òkìtì rẹ̀ yóò kàn fún pọ̀ sí i ni. Nígbà tí ìkọ́ bá ti tú u sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé etí rẹ̀ nìkan ló wọlé, ẹ̀gbẹ́ kátíríìjì ló yẹ kó gbà jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin náà ṣe. Ó kọ́kọ́ tú bébà náà ní ìká kọ̀ọ̀kan. Ó wá di apá ọ̀tún àti apá òsì rẹ̀ mú nítòsí ẹnu fúsà, ó sì fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọwọ́ méjèèjì lọ́gbọọgba. Kò jẹ́ kí ọwọ́ kan rólà dúdú oní-fóòmù tó wà nísàlẹ̀, torí epo ara ọwọ́ lè fi àbàwọ́n sórí ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ lẹ́yìn náà. Bébà jáde. Tóńà dà sí i lọ́wọ́ díẹ̀, ó sì fi omi tútù fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná lè mú kí tóńà rọ̀, kó sì lẹ̀ mọ́ awọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ó ti parí. Obìnrin náà tẹ́ bébà tó rún náà sórí káńtà, ó nà án, ó sì tò ó lé orí bébà tuntun kan, igun sí igun. Igun mẹ́ta bá ara mu. Níbi ìkẹrin, funfun bébà ìsàlẹ̀ yọ, ó tó orí ìka ọmọdé. Etí tó ká nípilẹ̀ yẹn ni, ó ti já sínú ẹ̀rọ. Ká ní kò tò ó, kátíríìjì ni ì bá dá padà, kí iná olómi ọsàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú.

Àjákù kékeré burú ju odidi bébà lọ nítorí ahọ́n kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde fúsà. Ọ̀rá líle ni wọ́n fi ṣe é. Bébà tó ń kọjá ló máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bó bá sì kọjá tán, ahọ́n yóò ta padà sókè. Ahọ́n yìí ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣófo. Bí àjákù bá há a mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ yóò máa sọ pé bébà wà lọ́nà bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rí nǹkan kan, èyí tó ní ojú kékeré yóò sì máa kọ `Paper Jam` sílẹ̀. Obìnrin náà fi ìka tẹ ahọ́n náà. Ó ta padà dáadáa. A jẹ́ pé iwájú ni àjákù wà.

Ó tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè, kí òjìji lè fi ohun tó bá yọ hàn. Ó rí i ní igun òsì ẹnu fúsà, ó lẹ̀ mọ́ ara rólà. Kò mú ọ̀bẹ, kò sì mú sukurudáfà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kékeré, awọ tín-ín-rín ló bo rólà gbígbóná. Bí irin bá họ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ilà dúdú yóò máa wà lára gbogbo ìwé tó bá jáde, fúsà tuntun ló sì máa tán an. Káàdì ìkésíni ìgbéyàwó kan tó ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ ló mú. Ó ki í wọ àárín rólà méjèèjì láti iwájú, ní ọ̀nà tí bébà máa ń gbà, ó sì ń tì í díẹ̀díẹ̀. Káàdì yọ lódìkejì, ó ti àjákù náà jáde níwájú ara rẹ̀. Ó fi ẹ̀mú ọlọ́ràá mú un, ó gbé e sí igun kẹrin lórí káńtà. Ó bá ara mu.

Ká ní káàdì kò kọjá ni, tàbí ká ní ọ̀rá ló yọ́ mọ́ rólà, ó di kí wọ́n yọ fúsà kúrò nídìí ẹ̀rọ, iṣẹ́ ẹni tó mọ ẹ̀rọ sì nìyẹn.

Ó gbé ìkọ́ méjèèjì sókè, ó dá kátíríìjì padà, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn, ó sì tan iná. Bébà mẹ́rin tí kò lábàwọ́n ló kọ́kọ́ tẹ̀ síta, ó ń wò wọ́n lẹ́yìn lójú. Bí àjákù bá ṣì wà lára rólà, àbàwọ́n kan náà yóò máa hàn léraléra lórí ìwé kan ṣoṣo, àlàfo tó wà láàárín wọn yóò sì máa dọ́gba, torí bí rólà bá ṣe ń yí náà ni yóò máa fi àmì sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ní tóńà díẹ̀ létí. Ìkejì mọ́ díẹ̀ sí i. Ìkẹta àti ìkẹrin funfun báláú. Ó kó bébà olójú kan tó kù nínú tíréè jáde, ó to tuntun sí i, ojú-ìwé 37 sì gbóná fẹ́lífẹ́lí bọ́ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.