Ẹṣin Kò Ní Iná Ẹ̀yìn

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó bá iṣẹ́ kíà dé Ìlú Ọba láìpẹ́ yìí ni kò bá ara wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Abúlé ni wọ́n gbé wọn lọ. Arúgbó kan ń gbé níhìn-ín, èkejì wà ní máìlì mẹ́fà sí ibẹ̀, bọ́ọ̀sì kì í sì í kọjá mọ́ tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Mọ́tò ni irinṣẹ́ wọn. Òfin ibẹ̀ gbà kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fi láísẹ́ńsì Nàìjíríà wakọ̀ fún oṣù 12 kó tó ṣe ìdánwò tiwọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ti ń dá wakọ̀ lóru nínú oko kí wọ́n tó ṣí ìwé òfin ìrìnnà, èyí tí wọ́n ń pè ní Áíwéè Kóòdù, wò rárá.

Mi ò sọ pé wọn kò mọ ọkọ̀ wà o. Ẹni tó bá ti wakọ̀ láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ lóru ti rí tírélà tó kú sójú ọ̀nà láìní iná, tó jẹ́ ewé tútù nìkan ni wọ́n já sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ti yẹ kòtò tó lè gbé táyà mì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó burú ń kìlọ̀ fún awakọ̀. Bó ṣe ń gbo ọkọ̀ ló ń mú kéèyàn rọra. Ọ̀nà oko Ìlú Ọba kì í kìlọ̀. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìlà funfun wà láàárín rẹ̀, òfin sì lè gbà kéèyàn sá máìlì 60 láàárín wákàtí kan lórí rẹ̀. Kò sí òpó iná kankan. Ohun tó lè dúró sójú ọ̀nà nínú òkùnkùn yẹn, ẹran ni.

Ẹ jẹ́ ká mú Niú Fọ́rẹ́sìtì tó wà ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọba Wíliamù Aṣẹ́gun ló yà á sọ́tọ̀ fún ọdẹ ní nǹkan bí ọdún 1079. Àwọn ará àdúgbò ní ẹ̀tọ́ láti da ẹran sínú rẹ̀, àwọn ìdílé kan sì ń lo ẹ̀tọ́ náà títí dòní. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹṣin kúkúrú tí wọ́n ń pè ní pónì, pẹ̀lú màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ló ń jẹ̀ kiri níbẹ̀ láìsí darandaran lẹ́yìn wọn. Nígbà ìwọ́wé, wọ́n tún ń tú ẹlẹ́dẹ̀ sílẹ̀ kó máa ṣa èso igi jẹ. Àárín gbogbo ẹran yìí ni ọ̀nà ọlọ́dà gbà kọjá, kò sì sí ọgbà létí rẹ̀. Bí ẹ bá ń wọ ibẹ̀, táyà yín yóò gun àwọn ọ̀pá irin tí wọ́n tò dábùú ọ̀nà, tó máa ń dún gbàràgbàrà. Ẹran kì í lè fi pátákò tẹ irin náà kọjá, ọkọ̀ lè kọjá. Ẹnubodè ni. Tí ẹ bá ti gbọ́ ìró yẹn, ẹ mọ̀ pé ilé ẹran lẹ wọ̀. Máìlì 40 ni òfin gbà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀nà tí kò ní ọgbà níbẹ̀, ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò sì le.

Iná dímù ọkọ̀, ìyẹn èyí tí a máa ń tàn nígbà tí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀, máa ń fi nǹkan bí mítà 40 han awakọ̀ dáadáa. Ìwé òfin ìrìnnà ní ọkọ̀ tó ń sá máìlì 60 yóò gba mítà 73 kó tó dúró lórí ọ̀nà gbígbẹ: á ti sá mítà 18 kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó tẹ bíréèkì, bíréèkì yóò sì gba mítà 55 kó tó dá a dúró. Ká sọ pé pónì aláwọ̀ ilẹ̀ kan dúró gbagidi sójú ọ̀nà, tí awakọ̀ sì rí i ní mítà 40. Kò sùn, ojú rẹ̀ kò sí lára fóònù, bíréèkì rẹ̀ sì dára. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá fi máa kan ẹṣin, nǹkan bí máìlì 46 ni yóò ṣì máa sá. Ẹsẹ̀ pónì gùn, ara rẹ̀ sì wúwo. Ẹsẹ̀ yẹn ni bọ́ńpà ń gbá, gbogbo ara rẹ̀ á sì wó lu gíláàsì iwájú, níbi tí orí awakọ̀ wà.

Tó bá jẹ́ máìlì 40 ni, mítà 36 ni ọkọ̀ máa gbà. Mítà mẹ́rin péré ló kù láàárín òun àti ẹṣin, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti dúró. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rò ni pé ojú ọ̀nà gbígbẹ àti awakọ̀ tí ara rẹ̀ jí pépé ni ìṣirò yìí dá lé. Ó kéré tán, ìlọ́po méjì ni òjò ń sọ ọ́ dà, ìyẹn mítà 72, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti máìlì 60 dọ́gba. Àárẹ̀ náà ní owó tirẹ̀. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìwé òfin fún awakọ̀ láti rí nǹkan kó sì tẹ bíréèkì. Ẹni tó ti ń gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn láti aago méje àárọ̀ lè lo ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mítà 27 ló máa sá kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, àròpọ̀ rẹ̀ á di mítà 51. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, 40 tí òfin gbà ti pọ̀ jù nígbà tó bá jẹ́ iná dímù ló ń lò.

Níbi tí kò bá sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, iná fúù ni kí ẹ tàn, nítorí ó ń tàn kọjá mítà 100. Àwọn kan kì í fọwọ́ kàn án rárá, wọ́n rò pé ìwà àìmọ̀wàáhù ni. Àìmọ̀wàáhù ni tí ẹ kò bá yí i padà sí dímù nígbà tí ẹlòmíràn ń bọ̀. Ìgbà tí ẹ bá pàdé ọkọ̀ yẹn gan-an ló léwu jù, torí pé iná tirẹ̀ ń gba ojú yín, òkùnkùn ẹ̀yìn rẹ̀ sì wá dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ gbé ojú sí etí ọ̀nà lápá òsì, kí ẹ sì dín eré kù kó tó kọjá, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti kọjá. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: wọ́n ṣe iná dímù ọkọ̀ Ìlú Ọba kó lè tàn jìnnà sí apá òsì, kó má baà gba ojú ẹni tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún. Nítorí náà, ẹran tó bá ń ti ọ̀tún bọ̀, ó máa ń pẹ́ ká tó rí i.

Ojú ẹṣin, màlúù, àgùntàn àti àgbọ̀nrín ń dán yanran tí iná bá bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n èyí tó kọ ẹ̀yìn síni kò ní ojú tó máa dán. Ojú ẹlẹ́dẹ̀ kì í dán bẹ́ẹ̀, bíi ti èèyàn. Àwọn kan nínú pónì ibẹ̀ ní ìgbànú tó ń dán lọ́rùn, ọ̀pọ̀ kò ní. Bí ẹ bá rí ojú méjì, ẹ wá ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ọmọ ẹṣin tàbí ọmọ àgùntàn tó wà lódìkejì ọ̀nà sí ìyá rẹ̀ kò ní í wo ọ̀tún wo òsì; tí ìró ọkọ̀ bá ti dẹ́rù bà á, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń sá lọ tààrà.

Fèrè ọkọ̀ ni àṣà tó ṣòro jù fún wa láti fi sílẹ̀. Lọ́nà Ìsẹ́yìn, tí agbo màlúù bá dí ọ̀nà, awakọ̀ á fun fèrè, darandaran á na ọ̀pá, ọ̀nà á là. Ní Ìlú Ọba, ìwé òfin ní a kò gbọ́dọ̀ fi fèrè tàbí ariwo ẹ́ńjìnnì lé ẹran. Tí agbo bá dí ọ̀nà, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ jẹ́ kó kọjá tán. Àgbẹ̀ tó ń da màlúù lọ síbi tí wọ́n ti ń fún wàrà lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ yín. Ẹ pe ọ̀dọ̀ arúgbó tó kàn pé ẹ máa pẹ́.

Ti ẹni tó gun ẹṣin tún yàtọ̀, torí ojú ọ̀sán lẹ máa ń bá a pàdé jù. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, ó ń rí nǹkan yíká àfi ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an. Ọkọ̀ tó bá sún mọ́ ìdí rẹ̀, ó ń gbọ́ ọ ni, kò rí i, bó bá sì ta gìrì, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń fò sí, ìyẹn sọ́dọ̀ ọkọ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2022 ni ìwé òfin ti sọ iye náà ní pàtó: eré kò gbọdọ̀ ju máìlì 10 lọ, àlàfo kò sì gbọdọ̀ dín ní mítà méjì. Lójú ọ̀nà tóóró, mítà méjì túmọ̀ sí pé ẹ máa bọ́ sí apá kejì ọ̀nà pátápátá. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀ níwájú, ẹ dúró sẹ́yìn ẹṣin títí ọ̀nà yóò fi ṣí. Nígbà tí ẹ bá sì ti kọjá, ẹ má tẹ tọ́tù lójijì, torí ẹ̀rù tí ẹ kò dá bà á tẹ́lẹ̀ ni ẹ máa dá bà á níkẹyìn.

Ẹlẹ́ṣin méjì tó ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kì í ṣe ìgbéraga, bí inú ṣe máa ń bí àwọn awakọ̀ kan. Èyí tó mọ̀ ọ́n gùn ló sábà máa ń wà lóde, kó lè fi ẹṣin tirẹ̀ bo ọmọdé tàbí ẹṣin tó ń ṣojo. Bí ó bá na ọwọ́ tó ń gbé e sókè sódò, ó ní kí ẹ rọra. Bó bá jẹ́ orí nìkan ló fi dúpẹ́, ẹ má bínú, ìjánu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹlẹ́ṣin tó bá tẹ̀ lé ìwé òfin yóò de iná kékeré mọ́ apá ọ̀tún tàbí bàtà ọ̀tún, tó funfun níwájú, tó sì pupa lẹ́yìn. Iná pupa kan ṣoṣo tó ń fò sókè sódò díẹ̀díẹ̀ níwájú yín lè jẹ́ ẹṣin odidi.

Bí ìjàmbá bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ láìṣeé yẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì gidigidi, kí ẹ di sítíárín mú tààrà. Ẹni tó yí i sínú igbó láti yẹ ẹran lè lọ lu igi, igi kì í sì í sún. Lẹ́yìn náà, ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ má sún mọ́ ẹran tó ń jà, kí ẹ pe ọlọ́pàá. Òfin ọdún 1988 ní kí awakọ̀ dúró, kó sì fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí 24 ó pẹ́ tán, bí kò bá rí ẹni tó ni ẹran kó fún un ní orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ níbẹ̀. Ẹṣin, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ìbaaka, àgùntàn, ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́ àti ajá ni òfin náà dárúkọ. Àgbọ̀nrín kò sí nínú rẹ̀, ológbò kò sí. Bí pónì bá dìde tó sì sá wọgbó, ẹ ṣì sọ fún ọlọ́pàá, nítorí ó lè ti ṣẹ́ legbé, ó sì lè wà láàyè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní ajísítà máa ń wá irú ẹran bẹ́ẹ̀ lọ, òru kò sì ní kí wọ́n má wá. Ibi tó ti ṣẹlẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti ọ̀nà tó gbà sá lọ ni wọ́n máa bi yín. Bí ẹ bá sì rí bí wọ́n ṣe gé ìrù rẹ̀, ẹ sọ ìyẹn náà, nítorí ajísítà kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń gé ìrù àwọn pónì agbègbè tirẹ̀.