Ẹ Má Jẹ́ Kí Sláìdì Gba Ojú Mọ́ Ọ̀rọ̀ Lọ́wọ́

Bí ẹ bá wọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nílùú ńlá lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí i pé ìwé orin ti dín kù lọ́wọ́ ìjọ. Ara ògiri ni gbogbo ojú ń wò, níbi tí purojẹ́tọ̀ ti ń gbé orin jáde ní ẹsẹ-ẹsẹ. Orin yìí ni mo fẹ́ ká fi wo ọ̀rọ̀ àrà tí sláìdì ń dá nígbà tí ọ̀kan bá ń lọ tí òmíràn ń bọ̀, nítorí pé orin kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí àrà náà bá ń ṣe ìdíwọ́, etí ni ẹ ó ti kọ́kọ́ mọ̀.

Ká ní ẹsẹ kan jẹ́ ìlà mẹ́rin, tí ìjọ sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kọ ọ́, tí ìlà kan ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 6. Ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà ti yan àrà tí PowerPoint ń pè ní Vortex fún ẹsẹ kejì. Àrà yìí á fọ́ ẹsẹ kìíní sí wẹ́wẹ́, èérún rẹ̀ á máa fò káàkiri ojú ògiri, kó tó wá di ẹsẹ kejì. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan àkókò rẹ̀, ó máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 4. Ẹni náà dúró kí ìjọ parí ìlà kẹrin kó tó tẹ bọ́tìnì. Dùùrù kò dúró ní tiẹ̀. Ìlà kìíní ẹsẹ kejì ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti kọjá ààbọ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ṣeé kà. Àwọn tó mọ orin sórí á máa kọ lọ, àwọn tó kù á máa hùn lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó tẹ bọ́tìnì á rò pé kọ̀ǹpútà kò gbọ́, á tún tẹ̀ ẹ́, á tún tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ kẹta á sì yọ sí wọn lójú.

Fade ló yẹ kí ẹni yìí lò, kó dín àkókò rẹ̀ kù sí 00.30, kó sì máa tẹ bọ́tìnì nígbà tí ìjọ bá dé ààbọ̀ ìlà kẹrin. Ààbọ̀ tó kù wà lẹ́nu wọn ná, ojú wọn á sì ti bá ẹsẹ tuntun kí èémí tó kàn. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lára ògiri.

Ìdí tí àrà fi ń dí ènìyàn lọ́wọ́ kò jìnnà. Ojú kì í gbàṣẹ kó tó yíjú sí ohun tó bá mira. Bí nǹkan bá ṣàdédé yọ, tàbí tó ṣàdédé sún, ọkàn á ti lọ síbẹ̀ kí olúwa rẹ̀ tó pinnu bóyá ó fẹ́ lọ. Nítorí náà, kò sí pé olùgbọ́ kan gbọ́n débi tí kò fi ní wo àrà yín; bó bá ti ń rìn, yóò wò ó. Ẹ sì wo ìgbà tí àrà yìí máa ń bọ́ sí. Ìgbà tí ẹ bá ń kúrò lórí kókó kan bọ́ sí òmíràn ni, ìyẹn ìgbà tí ẹ ń sọ gbólóhùn tó so méjèèjì pọ̀. Gbólóhùn yẹn gan-an ni wọn kì í gbọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹnì kan á nàwọ́, á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ní èyí wà fún?”

PowerPoint fúnra rẹ̀ kò fi àrà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó jáde lọ́dún 1987 fún kọ̀ǹpútà Macintosh, ojú-ewé ni wọ́n fi ń ṣe, èyí tí olùbánisọ̀rọ̀ á fọwọ́ gbé sórí ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú rọ́bà. Bó bá fẹ́ bọ́ sórí kókó mìíràn, á yọ ọ̀kan, á fi òmíràn sí i. Lọ́dún 1992, ẹ̀dà kẹta mú kí sláìdì máa ti inú kọ̀ǹpútà bọ́ sára ògiri tààrà, àrà sì dé láti rọ́pò ọwọ́ yẹn. Àrà ti pọ̀ rẹpẹtẹ láti ìgbà náà. Iṣẹ́ tó wà fún kò yí padà: kó gbé ọ̀kan kúrò, kó gbé òmíràn wá.

Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé gbogbo àrà ò wúlò. Ẹ jẹ́ ká kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ká lọ síbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan. Akápò fẹ́ jíyìn owó tí ẹgbẹ́ yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Sláìdì kẹrin jẹ́ àwòrán ọ̀pá mẹ́rin fún ọdún tó kọjá, ọ̀pá kan fún oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Sláìdì karùn-ún jẹ́ irú àwòrán kan náà fún ọdún yìí. Mẹ́ta nínú àwọn ọ̀pá náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àfi ẹ̀kẹta, ti oṣù keje sí ìkẹsàn-án, tó ga sókè nítorí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ohun tí akápò fẹ́ kí ìpàdé rí nìyẹn.

Ká ní ó lo Fade, àmọ́ tó lọ sí Effect Options, tó yan Through Black. Ògiri á ṣókùnkùn díẹ̀ láàárín sláìdì méjèèjì, ó sì lẹ́wà lójú. Òkùnkùn díẹ̀ yẹn ló máa ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Lọ́dún 1997, Ronald Rensink, Kevin O'Regan àti James Clark tẹ ìwádìí kan jáde nípa irú nǹkan báyìí. Wọ́n ń fi àwòrán méjì tó jọra han àwọn ènìyàn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, léraléra. Nǹkan kan ló yàtọ̀ nínú wọn, ojú òfìfo fẹ́ẹ́rẹ́ sì ń là wọ́n láàárín. Ohun tó yàtọ̀ náà lè tóbi, síbẹ̀ àwọn ènìyàn á wò ó títí kí wọ́n tó rí i. Bí wọ́n bá yọ òfìfo yẹn kúrò, kíá ni wọ́n ń rí i, nítorí ohun tó yí padà nìkan ló mira.

Bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí fún akápò bó bá yan Smoothly dípò Through Black. Ọ̀pá mẹ́ta á dúró síbi tí wọ́n wà, ẹ̀kẹta nìkan ló máa ga sókè lójú gbogbo ìpàdé. Ojú tí kì í gbàṣẹ, tó da orin rú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló wá ń bá akápò ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Àmọ́ ó ní ohun tí ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe. Kó má ya àwòrán kejì lọ́tọ̀. Kó yan sláìdì kẹrin, kó tẹ Ctrl+D láti mú ẹ̀dà rẹ̀ jáde, kó wá yí iye inú rẹ̀ padà, kí ohun gbogbo lè wà lójú kan náà. Kó tún wo òǹkà ẹ̀gbẹ́ àwòrán, nítorí PowerPoint máa ń fúnra rẹ̀ yan ibi tí òǹkà yóò parí sí. Bí ọ̀kan bá parí sí mílíọ̀nù 6, tí èkejì parí sí mílíọ̀nù 8, àwọn ọ̀pá tí iye wọn kò yí padà á dà bíi pé wọ́n wálẹ̀. Nínú Format Axis, kó kọ iye kan náà sí Maximum nínú àwòrán méjèèjì.

Láti inú àpẹẹrẹ yìí ni ìlànà tí mo fara mọ́ ti wá. Bí sláìdì tó ń bọ̀ bá ń bá ọ̀rọ̀ kan náà lọ, ẹ lo Fade Smoothly, tàbí kí ẹ fi sí None, kó kàn yí padà lójijì láìrìn rárá. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí akápò kúrò lórí owó yíyá bọ́ sórí èrè, ẹ lo Fade Through Black, kí ojú gbàgbé ti àná kó tó rí ti òní. Méjì péré. Lẹ́yìn tí ògiri bá ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀mejì, àwọn olùgbọ́ á ti mọ̀, láìsí pé ẹnì kan sọ fún wọn, pé bó bá ti ṣókùnkùn, ọ̀rọ̀ mìíràn ló dé. Bí sláìdì méjìlá bá dá àrà méjìlá, kò sí èyí tí wọ́n lè kà sí àmì ohunkóhun. Push, tó ń ti sláìdì kan lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, dára níbi tí àwòrán kan bá gùn ju ojú sláìdì kan lọ, tí èkejì sì jẹ́ ìyókù rẹ̀. N kò rí ibòmíràn tó ti wúlò.

Ẹ má tìtorí orúkọ gbà á gbọ́ pé àrà kan jẹ́ jẹ́jẹ́ o. PowerPoint pín àrà rẹ̀ sí Subtle, Exciting àti Dynamic Content, Subtle ló sì yẹ kó jẹ́ àwọn tí kò pariwo. Síbẹ̀ inú Subtle yìí ni Flash wà, tó ń ta yanran funfun sí gbogbo gbọ̀ngán lójú.

Bí ẹ bá ti ní iṣẹ́ kan nílẹ̀ tí ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ lọ sí View, ẹ yan Slide Sorter, kí gbogbo sláìdì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ó rí àmì ìràwọ̀ lábẹ́ sláìdì tó ní àrà. Ẹ tẹ Ctrl+A, ẹ lọ sí Transitions, ẹ yan Fade, kí ẹ sì yan Smoothly. Ẹ kọ 00.40 sí Duration, ẹ fi Sound sí [No Sound], ẹ jẹ́ kí On Mouse Click ní àmì, kí ẹ sì yọ àmì iwájú After, nítorí òun ló máa ń mú kí sláìdì fúnra rẹ̀ kọjá nígbà tí ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yan sláìdì tó ṣí ọ̀rọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ ọ́ di Through Black. Sláìdì tó ń wọlé ló ni àrà, kì í ṣe èyí tó ń jáde. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Bí ẹ bá sì ti parí, ẹ má tún tẹ Apply To All, torí á pa gbogbo Through Black tí ẹ fi sí i rẹ́.

Sláìdì tí ẹ bá dà kọ látinú iṣẹ́ ẹlòmíràn máa ń gbé àrà tirẹ̀ bọ̀. Bí Vortex kan bá ṣàdédé yọ láàárín Fade mẹ́wàá, ibi tó ti wá nìyẹn, ẹ padà sí Slide Sorter lọ wá a. Bó bá sì jẹ́ orí Zoom ni ẹ ti fẹ́ sọ̀rọ̀, None ni kí ẹ lò látòkèdélẹ̀. Ohun tó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín máa ń já wálẹ̀ ní gẹ́-gẹ́-gẹ́ lójú ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò lágbára. Àwọn kan tún wà tí ohun tó ń yí tàbí tó ń sáré lójú ògiri ńlá máa ń fún ní òòyì, pàápàá àwọn tó ní àìsàn etí inú, ẹ kò sì lè dá wọn mọ̀ láàárín èrò.

Kí ọjọ́ ìpàdé tó dé, ẹ lo kọ̀ǹpútà àti purojẹ́tọ̀ tí ẹ máa lò gan-an. Ẹ lọ jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngán, kí ẹlòmíràn máa tẹ bọ́tìnì. Ní gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí àrà kí ẹ tó rí ọ̀rọ̀, ẹ dín Duration rẹ̀ kù, tàbí kí ẹ sọ ọ́ di None.