Ohun Tí Próòbù Ń Fi Kún Sáákíìtì

Bí a bá ti fi orí próòbù osiloskóòpù kan sáákíìtì, próòbù náà ti di ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká so résísítọ̀ méjì tẹ̀ léra, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gáóòmù 1, ká sì fún wọn ní iná fóòtì 10. Fóòtì 5 ló yẹ kó wà láàárín wọn. Bí súìṣì ara próòbù bá wà ní 1X, mẹ́gáóòmù 1 tó wà lẹ́nu osiloskóòpù á bá résísítọ̀ ìsàlẹ̀ pín iná, fóòtì 3.3 péré la ó sì rí. Bí a bá tì í sí 10X, mẹ́gáóòmù 9 tó wà nínú próòbù á kún ti ẹnu ẹ̀rọ, àpapọ̀ wọn á di 10, a ó sì rí nǹkan bíi 4.8, bí a bá ti ṣètò ẹ̀rọ náà sí 10X. Lójú tèmi, 10X ló yẹ kí próòbù máa wà, àfi bí iná tí a fẹ́ wò bá kéré jọjọ.

Àmọ́ 10X nílò àtúnṣe. Kápásítọ̀ wà nínú próòbù, ó sì wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí wọn kò bá bára mu, iná tó dúró sójú kan á hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ìwọ̀n èyí tó ń yí kíákíá á yẹ̀. Ẹ fi orí próòbù kọ́ irin kékeré tó wà níwájú osiloskóòpù, èyí tó ń gbé ìgbì onígun jáde, nǹkan bí ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí igun rẹ̀ bá rí roboto, kò tíì tó. Bó bá yọ ìwo sókè, ó ti pọ̀ jù. Ẹ fi súkúdiráífà oníke yí súkúrúù ara próòbù díẹ̀díẹ̀ títí orí ìgbì náà á fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ẹ bá gbé próòbù lọ sí ẹ̀rọ mìíràn, ẹ tún un ṣe.

Síbẹ̀, nǹkan bíi píkófáráàdì 10 sí 15 ṣì wà lórí próòbù 10X. Kápásítọ̀ tó ń bá kírísítà aago inú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ, nítorí náà bí a bá fọwọ́ próòbù kàn án, aago lè yí ìyára padà tàbí kó dákẹ́ pátápátá. Bí áísì náà bá ní ẹsẹ̀ tó ń gbé ìró aago jáde, ibẹ̀ ni ká ti wò ó.

Waya áàtì tó gùn máa ń mú kí ìgbì máa gbọ̀n lẹ́yìn tó bá yí lójijì, bẹ́ẹ̀ sáákíìtì kò ṣe nǹkan kan. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi sípíríǹgì kékeré kan tí wọ́n máa ń kó pọ̀ mọ́ próòbù rọ́pò rẹ̀. Bí gbígbọ̀n náà bá dínkù, waya ló ń purọ́.

Ewu tó pọ̀ jù wà níbi kílíìpù. Ó so mọ́ áàtì ilé nípasẹ̀ púlọ́ọ̀gì osiloskóòpù. Bí a bá fi í há ẹ̀gbẹ́ ibi tí iná NẸ́PÀ ti wọ sáàjà, ṣáájú tiransifọ́mà rẹ̀, iná á ṣàn tààrà sí áàtì, ó sì lè jó próòbù àti ẹ̀rọ. Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ áàtì púlọ́ọ̀gì kúrò kó má bàa ṣẹlẹ̀. Gbogbo irin ara osiloskóòpù nígbà náà lè di ibi tí iná ti ń gbé ènìyàn. Próòbù olórí méjì, tí kì í lo áàtì láti fi wọ̀n, ni wọ́n ṣe fún irú ibẹ̀.