Lẹ́tà Tí Òṣìṣẹ́ Fi Ń Tọrọ Owó Oṣù Ṣáájú

Bí òṣìṣẹ́ bá ní òun fẹ́ gba owó nínú owó oṣù tí kò tíì pé, ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ ń rò ni bí owó náà yóò ṣe padà, àti bóyá ẹni yìí kò ní tún wá yá òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí lẹ́tà tó kún fún ẹ̀bẹ̀ nìkan fi máa ń pẹ́ lórí tábìlì. Ẹni tó bá kọ ètò ìsanwó rẹ̀ sínú lẹ́tà ti dáhùn ìbéèrè kí wọ́n tó bi í.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù ní ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 120,000 náírà. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ìpá ló kan ọmọ rẹ̀, ọsibítù sì ní kó mú 150,000 wá. Ó ti kó àjọ 60,000, ó ku 90,000.

Kí ó tó mú bírò rárá, ó yẹ kó yẹ ìwé owó oṣù rẹ̀ wò dáadáa. Owó-orí, owó ìfẹ̀yìntì àti ti ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù ti ń gba 24,000 lóṣooṣù, 96,000 ló ń wọ báńkì rẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé gbogbo owó tí wọ́n bá yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta 120,000 jẹ́ 40,000. Ní tèmi, gbogbo ohun tí wọ́n ti ń yọ tẹ́lẹ̀ ni kéèyàn kà mọ́ ọn, kí ara lè rọ̀ ọ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, 16,000 péré ni àyè tó kù. Ọkùnrin wa mú 15,000, oṣù mẹ́fà ni yóò fi san án. Bó bá fi ìtara sọ pé kí wọ́n yọ 45,000 fún oṣù méjì, 51,000 ni yóò máa mú lọ sílé, kò sì ní pẹ́ tí yóò tún fi wá yá owó oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ gbèsè ibi iṣẹ́ tí kò tán, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó kọ lẹ́tà náà sí ọ̀gá àgbà, ó sì gbé e gba ọwọ́ alábòójútó rẹ̀, torí inú kì í dùn sí ẹni tó fo ọ̀gá rẹ̀ kọjá. Ohun tó kọ nìyí:

“Ẹ̀yin Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fi ìwé yìí tọrọ 90,000 náírà ṣáájú nínú owó oṣù mi. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ mi ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, owó tí mo ní lọ́wọ́ kò sì tó. Mo fi ìwé iye owó tí ọsibítù fún mi mọ́ lẹ́tà yìí. Mo bẹ̀ yín kí ẹ máa yọ 15,000 náírà lóṣooṣù, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìparí oṣù keje, kí ẹ sì fo oṣù kẹsàn-án torí owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Yóò parí ní ìparí oṣù kìn-ín-ní. Bí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó pé, mo gbà kí ẹ yọ ìyókù nínú owó tó bá kù fún mi lọ́dọ̀ yín. Ẹ ṣé, Ọ̀gá wa.”

Ẹ kíyèsí oṣù kẹsàn-án tó fò yẹn. Ó mọ̀ pé ilé ìwé yóò wọlé, kò dúró kí ọwọ́ kan òun kó tó wá bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá tó bá ka ìlà yẹn yóò mọ̀ pé ẹni tó ṣe ìṣirò ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Àìsàn ọmọ náà kò gbà ju gbólóhùn kan lọ, ìwé ọsibítù ló jẹ́rìí sí ìyókù. Àwọn kan máa ń rò pé bí ìtàn ìyà bá ṣe gùn tó ni àánú yóò ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń mú kí ọ̀gá fura.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Bí akọ̀wé owó bá ti parí ìṣirò owó oṣù, ọ̀gá lè fẹ́ ràn án lọ́wọ́ kí ọwọ́ má sì ká a mọ́, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ló dáa jù láti fi lẹ́tà sílẹ̀. Bí ọ̀gá bá fọwọ́ sí i, kó gba ẹ̀dà kan pa mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán léwu fún tọ̀tún-tòsì: akọ̀wé owó lè yí padà, ẹni tuntun a sì máa yọ owó lọ lẹ́yìn tí gbèsè ti tán.

Ẹ máa wo ìwé owó oṣù yín lóṣooṣù, kí ẹ máa ka iye tí wọ́n ti yọ. Nígbà tó bá pé 90,000, ẹ ní kí akọ̀wé owó kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín pé gbèsè ti tán, kí ẹ sì rí i pé kò sí 15,000 náà nínú ìwé oṣù tó tẹ̀lé e.